Ọjọ́ kọkànlélógún kì í ṣe ti gbogbo obìnrin: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí họ́mọ́ọ̀nù inú oṣù kan

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, Kubwa ní Abuja ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tiwa tó ti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kàbbà wá sábà máa ń wá mi rí, nítorí ó rọrùn fún wọn láti fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ abẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, láàárín ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìlọrin, gbé ìwé èsì láàbù kan wá bá mi. Ọdún kan àbọ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wá ọmọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù rẹ̀ láti wo họ́mọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ purojẹ́sítírónì, èsì jẹ́ 0.7 ng/mL, wọ́n sì sọ fún un pé ẹyin rẹ̀ kì í jáde. Ẹkún ló fi sọ ọ́ fún mi. Àwọn ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àwọn tí ẹlòmíràn ti ń bi mí, ni mo kó jọ síbí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni màá sì máa padà sí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ wo gan-an ni ọjọ́ kìíní?

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tó ń béèrè páàdì. Èyí tó kàn fara hàn díẹ̀ lára pátá lálẹ́ àná kò sí nínú kíkà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá ṣe ọjọ́ kìíní, ìyẹn sì máa ń fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀jẹ̀ mìíràn ni oṣù obìnrin kan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ 24, ó lè jẹ́ 28, ó lè jẹ́ 35, kó má sì sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Arábìnrin tí mo ń sọ yìí mọ ọjọ́ tirẹ̀ dáadáa. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìlú wọn wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, bírò pupa ló sì fi ń yí ọjọ́ po: 3 oṣù Kìíní, 7 oṣù Kejì. Ti 14 oṣù Kẹta kò tilẹ̀ nílò kàlẹ́ńdà, torí ọjọ́ yẹn ló ṣíwọ́ ààwẹ̀, ó sì ti ń ka iye ọjọ́ tó máa san padà lẹ́yìn Ìtúnu. Ẹ bá mi kà á. Láti 3 oṣù Kìíní sí 7 oṣù Kejì, ọjọ́ 35. Láti ibẹ̀ sí 14 oṣù Kẹta, ọjọ́ 35 náà ni. Ẹ fi 35 yẹn sọ́kàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹyin kí ẹyin tó jáde?

Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Ẹyin kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò kékeré tirẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀, ẹṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ti ń tú họ́mọ́ọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa rí lórí ìwé èsì bíi FSH. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí àwọn àpò ẹyin dìde. Kì í jí ẹyọ kan ṣoṣo, mélòó kan ló máa ń jí pọ̀.

Bí àwọn àpò náà ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń ṣe ẹ́sítírójìn. Ẹ́sítírójìn yìí, àti họ́mọ́ọ̀nù mìíràn tí àwọn àpò náà ń ṣe, á lọ bá ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ pé kó dín FSH kù. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di ta ló lágbára jù. FSH ni oúnjẹ wọn, oúnjẹ sì ti dín. Àpò tó ti ṣíwájú ló máa rí díẹ̀ tó kù lò, àwọn yòókù á rọ. Ìdí nìyí tí ẹyin kan fi sábà máa ń jáde lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ ló jí. Àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ láàárín wa mọ̀ pé nígbà mìíràn, méjì ló ń yege.

Àpò tó yege á máa fẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi mìlímítà 20. Iye ọjọ́ tó máa gbà á ni obìnrin fi yàtọ̀ sí obìnrin. Ti ẹlòmíràn á pé ní ọjọ́ mẹ́wàá, ti ẹlòmíràn á gbà tó ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àìsàn, ìdààmú ọkàn, kí èèyàn rù jù, ọmú tí ìyá ń fún ọmọ, gbogbo wọn lè fà á sẹ́yìn. Bí nǹkan oṣù yín bá pẹ́ dé, tí kì í ṣe oyún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá ibí yìí ló gùn.

Ta wá ló ń sọ fún ẹyin pé àsìkò ti tó?

Ẹ́sítírójìn fúnra rẹ̀ ni. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń yà mí lẹ́nu di òní. Níbẹ̀rẹ̀, bí ẹ́sítírójìn ṣe ń pọ̀ ni ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ ń fọwọ́ wọ́nú. Ṣùgbọ́n bó bá ga gan-an, tó sì dúró sókè bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì láìsọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹṣẹ́ kan náà tó ti ń háwọ́ tẹ́lẹ̀ á tú họ́mọ́ọ̀nù kejì, LH, jáde yàà. Láti ìgbà tí LH bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè, nǹkan bíi wákàtí 36 ló máa gbà kí àpò tó là, kí ẹyin sì jáde.

Ẹyin náà kì í pẹ́, wákàtí 12 sí 24 ló ní. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè tó ọjọ́ márùn-ún nínú obìnrin. Nítorí náà, fún tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ọjọ́ mélòó kan tó ṣáájú kí ẹyin tó jáde ló wúlò ju ọjọ́ tó tẹ̀lé e lọ.

Purojẹ́sítírónì tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ibo ló ti ń wá?

Àpò tí ẹyin ti jáde kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣòfò. Ojú rẹ̀ á pa dé, á kún fún ọ̀rá, á sì di kókó kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Kókó yìí ló ń ṣe purojẹ́sítírónì. Ní ọdún 1929, ní Rochester ní Amẹ́ríkà, George Corner àti Willard Allen fa oje láti ara irú kókó bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ilé ẹyin ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ehoro tó ti gba akọ ṣùgbọ́n tí wọ́n yọ ilé ẹyin wọn lẹ́yìn náà. Láìsí oje yẹn, oyún wọn kì bá ti dúró. Pẹ̀lú rẹ̀, ó dúró.

Kí ẹyin tó jáde, kókó ìyeyè ò sí. Bí kókó ìyeyè ò bá sí, purojẹ́sítírónì inú ẹ̀jẹ̀ kì í tó nǹkan, kì í sábà kọjá 1 ng/mL. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nǹkan bí ọjọ́ keje ló sì máa ń ga jù. Bí oyún ò bá dúró, kókó náà á rọ, purojẹ́sítírónì á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dé. Ọjọ́ ayé kókó yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá ni, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Apá ìgbẹ̀yìn oṣù ló dúró sójú kan, apá àkọ́kọ́ ló ń gùn tó ń kúrú.

Kí ni ilé ọmọ ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí?

Ilé ẹyin ń pàṣẹ, ilé ọmọ ń gbọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, awọ inú ilé ọmọ ti fẹ́lẹ́, mìlímítà díẹ̀ ló kù. Ẹ́sítírójìn ló ń mú un hù padà, tó bá fi máa di ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde, síkáànù lè rí i pé ó ti nípọn tó mìlímítà 8 sí 12. Bí a bá fi wé oko, ẹ́sítírójìn ló ń kọ ebè.

Purojẹ́sítírónì kì í kọ ebè kún ebè. Ó ń dá ìdàgbà yẹn dúró, ó sì ń pèsè awọ náà sílẹ̀ de ọlẹ̀: awọ á rọ̀, àwọn ẹṣẹ́ inú rẹ̀ á máa sun oje tó ní ṣúgà, èyí tí ọlẹ̀ máa fi ṣe oúnjẹ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ á sì lọ́ bí okùn. Láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkẹwàá lẹ́yìn tí ẹyin jáde ni ọlẹ̀ máa ń wọ inú awọ yìí. Bó bá ti wọlé, òun fúnra rẹ̀ á rán họ́mọ́ọ̀nù kan sí kókó ìyeyè pé kó má tíì rọ. Họ́mọ́ọ̀nù yìí kan náà ni àyẹ̀wò oyún máa ń rí nínú ìtọ̀.

Bí ìránṣẹ́ yẹn ò bá dé, purojẹ́sítírónì á já. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ yẹn á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ara awọ mọ́, awọ á sì ya kúrò. Ilé ọmọ á máa fún ara rẹ̀ pọ̀ láti tì í jáde, òun ni inú rírun tí ẹ mọ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọbìnrin dáadáa nítorí wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ni ara ń dà nù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ burúkú níbẹ̀. Awọ tí ara fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́ de oyún ni, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rere tó ń bọ́ ọ.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé ọjọ́ 21 ni kí á gba ẹ̀jẹ̀?

Obìnrin tí oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn. Ẹyin tirẹ̀ á jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14, purojẹ́sítírónì á ga jù ní ọjọ́ keje lẹ́yìn rẹ̀, ó di 21. Ó tọ́ fún un. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo obìnrin, débi pé nọ́ńbà náà ti di orúkọ àyẹ̀wò. Bí ẹ bá dé láàbù mìíràn lónìí, wọn ò ní bi yín ní ọjọ́ tí oṣù yín ń gbà, ọjọ́ 21 nìkan ni wọ́n máa bi yín.

Ó sì ti pẹ́ tí a ti ní ìmọ̀ tó yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ní ọdún 1924, dókítà ará Japáànù kan, Kyusaku Ogino, tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Niigata, sọ pé kí á má ka ọjọ́ láti orí ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ, kí á kà á sẹ́yìn láti orí èyí tó ń bọ̀. Ó rí i pé ẹyin máa ń jáde láàárín ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 16 ṣáájú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀. Ìṣirò àyẹ̀wò yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ wo ọjọ́ tí ẹ ń retí nǹkan oṣù, ẹ yọ ọjọ́ méje kúrò nínú rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

Báwo wá ni ti arábìnrin ọmọ Ìlọrin yẹn?

Ọjọ́ kọkànlélógún tirẹ̀ bọ́ sí 27 oṣù Kejì, ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù tó tẹ̀lé e dé ní 14 oṣù Kẹta. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́rìnlá: 28 oṣù Kejì ni ẹyin rẹ̀ á ti jáde. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ẹyin jáde ni wọ́n lọ wá kókó ìyeyè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àpò ẹyin ò tíì là! 0.7 gan-an ni irú èyí tí obìnrin tí ara rẹ̀ le koko máa ní lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ti gba ìwé oògùn tó ń mú ẹyin jáde, ó ku kó lọ rà á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ gbé kàlẹ́ńdà ògiri rẹ̀ lọ bá dókítà kó tó gbé nǹkan kan mì. Dókítà wò ó, ó gbà pé kí wọ́n tún un ṣe. Láti 14 oṣù Kẹta, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ á jẹ́ 18 oṣù Kẹrin, yọ méje, ó di 11 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Ẹtì ni, ó lọ láàárọ̀. Èsì jẹ́ 11.4 ng/mL. Nǹkan oṣù rẹ̀ dé ní 17, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn àyẹ̀wò, èyí tó fi hàn pé àsìkò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ dára. Ẹyin rẹ̀ ń jáde. Ó ṣeé ṣe kó ti máa jáde láti ọjọ́ yìí wá.

Nọ́ńbà wo ni mo fẹ́ rí lórí ìwé?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Láàbù kan ń lo ng/mL, òmíràn ń lo nmol/L, méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: 1 ng/mL jẹ́ nǹkan bíi 3.2 nmol/L. Bí ẹ bá ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ tó yẹ, tó sì kọjá 3 ng/mL, ẹ̀rí wà pé ẹyin jáde lóṣù yẹn. Mo ti rí ẹni tó gba 8 tó ń yọ̀ pé òun ti kọjá 3, nmol/L sì ni tirẹ̀, kò tó 3 ng/mL rárá.

Ohun kejì ni pé ara kì í tú purojẹ́sítírónì jáde ní ìwọ̀n kan náà. Ó ń tú u jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè ga láago mẹ́wàá kó ti sọ̀kalẹ̀ gan-an nígbà tó bá di ọ̀sán. Nítorí náà, kí ẹni tó gba 9 má rò pé ẹni tó gba 18 fi ìlọ́po méjì sàn ju òun lọ. Àyẹ̀wò yìí ń sọ bóyá ẹyin jáde, kì í sọ bí ẹyin náà ṣe dára tó.

Oṣù tèmi kì í dúró sójú kan, ọjọ́ wo ni kí n lọ?

Ìṣirò ìyọkúrò méje ò lè ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá mọ ọjọ́ tí ẹ ń retí. Ohun tí àwọn dókítà máa ń ṣe ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 21, kí wọ́n sì máa tún un gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí nǹkan oṣù yóò fi dé. Owó ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù bá ń ju ọjọ́ 35 lọ lemọ́lemọ́, tàbí tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìrí i láìsí oyún, ó dára kí ẹ rí dókítà ná kó yẹ ẹṣẹ́ ọrùn wò, kó wo họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú wàrà wá sí ọmú, kó sì fi síkáànù wo ilé ẹyin.

Mo ṣáà ń rí nǹkan oṣù mi. Ṣé ìyẹn ò ti tó ẹ̀rí pé ẹyin ń jáde?

Kò tó. Awọ inú ilé ọmọ lè ya láìjẹ́ pé ẹyin jáde. Bí ẹ́sítírójìn bá ń kọ ebè lọ láìsí purojẹ́sítírónì tó máa dá a dúró, awọ á nípọn kọjá agbára rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já níkọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé láìlọ́jọ́, ó lè pẹ́, ó lè pọ̀, inú sì lè má run ẹni rárá. Ẹni tí tirẹ̀ ń dé déédéé lóṣooṣù, tí ọmú ń dùn ún díẹ̀ kó tó dé, ẹyin tirẹ̀ sábà máa ń jáde.

Ṣé mo lè mọ̀ nílé, láìlọ gba abẹ́rẹ́?

Ọ̀nà tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni omi ojú ara. Bí ẹ́sítírójìn bá ṣe ń ga, omi yìí á mọ́, á sì máa fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bí purojẹ́sítírónì bá dé, á ki, kò ní fà mọ́. Ọjọ́ tó fà gbẹ̀yìn ló sún mọ́ ọjọ́ tí ẹyin jáde.

Pépà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ ń wá LH. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé ara ti gbé àṣẹ jáde, kò lè sọ pé ẹyin gbọ́ àṣẹ. Àwọn obìnrin tí LH wọn ga ní gbogbo ìgbà, tí àpò kéékèèké pọ̀ nínú ilé ẹyin wọn, lè máa rí ìlà méjì lójoojúmọ́. Ti tẹmómítà láàárọ̀ kùtù, ara máa ń gbóná sí i ní nǹkan bíi 0.3 sí 0.5 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, nítorí purojẹ́sítírónì. Ibà kan péré ti tó láti da àkọsílẹ̀ yẹn rú, bẹ́ẹ̀ náà ni òru tí ooru oṣù Kẹta Abuja ò jẹ́ kí ẹ sùn. Mi ò kì í gbára lé e.

Bí purojẹ́sítírónì mi bá dára, ṣé oyún ti dájú nìyẹn?

Ó sọ pé ẹyin jáde lóṣù kan. Kò mọ bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ là, kò sì mọ ohunkóhun nípa ọkọ. Bákan náà, bí ẹ bá ti ń lo purojẹ́sítírónì tí dókítà kọ fún yín, ì báà ṣe abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń kì sí abẹ́, ẹ sọ fún wọn ní láàbù kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, torí oògùn náà lè gbé èsì sókè.

Nígbà tí èsì 11.4 yẹn jáde, arábìnrin náà bi mí pé ta ló wá kàn. Mo ní ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún kan àbọ̀, obìnrin nìkan ló ń na apá fún abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó tíì yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá a wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n kọ ohun tí òun máa ṣe sílẹ̀ fún òun: kó má sún mọ́ obìnrin fún ọjọ́ méjì sí méje, kó sì jẹ́ kí láàbù gba àtọ̀ náà láàárín wákàtí kan tó bá ti jáde.